Òfò Mọ́kànlá Ṣùkúrátù

Oṣù mẹ́ta ni Ṣùkúrátù ti lò lẹ́nu iṣẹ́ lọ́dọ̀ Ọ̀gbẹ́ni Adéògún ní Adabraka, nílùú Accra, kí ojú rẹ̀ tó là sí i pé ọ̀gá òun máa ń pàdánù ju bó ṣe ń jèrè lọ. Góòlù ni ọkùnrin náà ń rà tó ń tà, ṣùgbọ́n kì í ṣe góòlù tí èèyàn ń fọwọ́ kàn. Iye owó rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà ló ń bá ṣòwò, nípasẹ̀ ilé-iṣẹ́ alágbàtà kan lókè òkun. Bó bá rò pé owó góòlù fẹ́ gòkè, á rà. Bó bá rò pé ó fẹ́ já wálẹ̀, á kọ́kọ́ tà, á wá rà á padà nígbà tó bá dínwó, èyí tó wà láàárín á sì di èrè rẹ̀. Iṣẹ́ Ṣùkúrátù ni láti máa kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé: iye tí wọ́n fi wọlé, iye tí wọ́n fi jáde, ohun tó wọlé, ohun tó sọnù.

Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni nígbà náà. Madina ni wọ́n bí i sí, nínú Zongo, àdúgbò àwọn àlejò Mùsùlùmí, níbi tí ìyá rẹ̀, Àlájà Sẹ̀kínátù, ti ń ta aṣọ láti ìgbà tí àwọn ará Ghana ti ń pe àwọn Yorùbá irú wọn ní Alata. Ó ti kàwé ìṣirò tán, ṣùgbọ́n kò ríṣẹ́ báǹkì, ìdí nìyẹn tó fi ń gun ọkọ̀ èrò tí wọ́n ń pè ní tírótírò lárààárọ̀ láti Madina wá jókòó sí yàrá kékeré kan tó wà lókè ìsọ̀ àwọn tó ń ta wáyà iná.

Ní ọjọ́ kan, ó ṣí ìwé ọdún tó kọjá, ó ka gbogbo òwò inú rẹ̀ ní méní-méjì. Ó tún un kà. Ó wá dìde lọ bá ọ̀gá rẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ má bínú. Àádọ́jọ òwò lẹ ṣe lọ́dún tó kọjá. Méjìdínláàádọ́ta péré ló jèrè. Méjìlélọ́gọ́rùn-ún ni ẹ pàdánù."

Adéògún, tó ti ṣiṣẹ́ báǹkì fún ogún ọdún kó tó fi í sílẹ̀, bọ́ awò ojú rẹ̀. "Iye ìgbà lo kà yẹn. Ṣé o ka iye owó?"

Ṣùkúrátù ní òun ò tíì kà á.

"Lọ kà á."

Ó jókòó tì í títí di ọ̀sán. Nígbà tí Adéògún bá pàdánù, ohun tó ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kì í ju bí ọgọ́rùn-ún dọ́là lọ. Nígbà tó bá jèrè, ohun tó ń wọlé máa ń tó irinwó ó lé díẹ̀. Òfò méjìlélọ́gọ́rùn-ún náà, tó kó wọn jọ, lé díẹ̀ ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá dọ́là. Èrè méjìdínláàádọ́ta yẹn dín díẹ̀ ní ogún ẹgbẹ̀rún. Ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án àtààbọ̀, ó dín ogún, ló kù sílẹ̀ fún ọkùnrin tó ṣe àṣìṣe ní ẹ̀mejì nínú ẹ̀mẹta.

"Ṣé o wá rí i?" ni Adéògún wí. "Èrè ẹyọ kan ń san òfò mẹ́rin. Nítorí náà bí mo bá pàdánù ní ẹ̀mẹrin nínú ẹ̀marùn-ún, ojú owó mi á ṣì wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹ̀mẹta ni mo pàdánù, mo ti jèrè. Àmọ́ ohun méjì ló gbé e dúró. Mo gbọ́dọ̀ tètè gé òfò kó tó dàgbà. Kí n tó wọlé rárá ni mo ti ń fi ààlà sí i: bó bá débí báyìí, mo ti jáde, kò sí àlàyé. Èkejì, mi ò gbọ́dọ̀ gé èrè tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù. Èyí kejì yẹn ló le jù."

"Kí ló dé tó fi le, Ọ̀gá?"

"Nítorí pé inú èèyàn kì í dùn sí òfò. Ẹni tó ti pàdánù ní ẹ̀ẹ̀mẹfà, bó bá rí ogún dọ́là lẹ́ẹ̀keje, á fẹ́ já a gbà, á fẹ́ ráyè sọ pé òun náà jẹ. Bó bá já a gbà báyìí, irinwó dọ́là kò ní débẹ̀ láéláé, òfò mẹ́fà àkọ́kọ́ á sì dúró láìsí ẹni tí yóò san án."

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Ṣùkúrátù lára. Ó kọ́ iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta. Ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń jókòó ti òfò tí ojú ò ní pọ́n, bí wọ́n ṣe ń fi ìwọ̀nba sí ohun tí wọ́n lè pàdánù lẹ́ẹ̀kan: ìdá kan péré nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wà nílẹ̀. Adéògún ní ẹni tó bá ń fi púpọ̀ wọlé, bí òótọ́ bá tilẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀wọ́ òfò kan ni yóò gbé e ṣubú kí òótọ́ náà tó dé.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2012, Adéògún ṣubú lulẹ̀ nínú balùwẹ̀. Àrùn rọpárọsẹ̀ ni. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló lò ní ilé ìwòsàn. Nígbà tí wọ́n sin ín tán, àwọn tó fowó sọ́wọ́ rẹ̀ kó máa bá wọn fi ṣòwò wá gba owó wọn, ìyàwó rẹ̀ ta kọ̀ǹpútà, yàrá Adabraka sì di ti aránṣọ.

Ọdún yẹn náà ni kíndìnrín Àlájà Sẹ̀kínátù kọṣẹ́. Dókítà ní wọ́n gbọ́dọ̀ máa fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ó kéré tán. Ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan sì ń gba bí ọgọ́rùn-ún dọ́là. Mutala, ẹ̀gbọ́n Ṣùkúrátù, tó ń ta béèlì aṣọ àlòkù ní ọjà Kantamanto, ń gbé ẹrù náà débi tí agbára rẹ̀ mọ. Nígbà tí kò gbé e mọ́, Àlájà ta ilẹ̀ kan tó rà sẹ́yìn Madina. Ẹgbẹ̀rún méjìlá dọ́là ló bọ́ sí.

"Bí a bá ń ná an báyìí," ni Àlájà wí, "kò ní pé ọdún kan ààbọ̀. Ṣùkúrátù, iṣẹ́ tí o kọ́ lọ́dọ̀ bàbá yẹn, ṣé o lè fi ṣe é? Kí owó náà wà níbẹ̀ kí a máa jẹ lára rẹ̀?"

Ṣùkúrátù ronú fún ọjọ́ mẹ́ta. Ó sọ fún ìyá rẹ̀ ní òótọ́ pé òun á máa pàdánù nígbà tó pọ̀. Àlájà mi orí bí ẹni gbà. Bóyá ó gbọ́, bóyá kò gbọ́.

Ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án, nínú yàrá tó ń sùn, pẹ̀lú kọ̀ǹpútà àgbéléwọ́ àti jẹnẹrétọ̀ kékeré kan nítorí iná tó ń lọ tó ń bọ̀. Ó ṣe bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Nígbà tó fi máa di òpin ọdún, ó ti pàdánù ní ìgbà mẹ́tàlá, ó sì ti jèrè lẹ́ẹ̀mẹfà. Lẹ́yìn tó ti yọ owó ilé ìwòsàn díẹ̀ lára rẹ̀, tí Mutala ń san ìyókù, ẹgbẹ̀rún méjìlá náà ṣì lé ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin.

Ọdún tuntun wá dé pẹ̀lú tirẹ̀. Ó wọlé, wọ́n tì í jáde. Ó wọlé, wọ́n tì í jáde. Àádọ́fà dọ́là, àádọ́fà dọ́là. Owó góòlù á ṣe bí ẹni fẹ́ lọ, á padà wá kan ààlà rẹ̀. Nígbà tó di ìkarùn-ún, kò ka nǹkan kan sí i. Ní ìkeje, oorun rẹ̀ dín. Ó mọ ìṣirò rẹ̀ dáadáa: ẹni tó ń pàdánù ní ẹ̀meje nínú ẹ̀mẹwàá, ọjọ́ ń bọ̀ tí méje yẹn á tẹ̀lé ara wọn, tí mẹ́wàá pàápàá á tẹ̀lé ara wọn, bó bá sáà ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Kò sí àrà níbẹ̀. Àmọ́ mímọ̀ yẹn kò mú kí ẹnu rẹ̀ gba oúnjẹ. Nígbà tí oṣù kejì fi parí, òfò náà ti di mọ́kànlá léraléra, ẹgbẹ̀fà dọ́là ó lé mẹ́wàá sì ti lọ.

Ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan ni Mutala wá. Ó bá ìyá wọn lórí ẹní, ó jókòó tì í. Olúdélé tẹ̀lé e wá, ọmọ àbúrò bàbá wọn, ọ̀dọ́mọkùnrin tó mọ fóònù lò, tó gbọ́ Yorùbá ju bó ṣe ń sọ ọ́ lọ.

"Ṣùkú, fi ìwé iṣẹ́ rẹ hàn mí," ni Mutala wí.

Ó fi hàn án. Mutala fi ìka tọ òfò náà lọ́kọ̀ọ̀kan, láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Mọ́kànlá? Kò sí ẹyọ kan tó bọ́ sí i?"

"Bùrọ̀dá, bó ṣe máa ń rí nìyẹn nígbà mìíràn. Òfò kéékèèké ni. Èyí tó bá tóbi ló máa san án."

"Ìgbà wo?"

"Mi ò mọ ọjọ́."

"O ò mọ ọjọ́." Mutala wo ìyá wọn. "Màmá, tẹ́tẹ́ nìyí. Tẹ́tẹ́ ni ọmọ yín fi owó ẹ̀jẹ̀ yín ta."

Ara Ṣùkúrátù gbóná. "Bùrọ̀dá Mutala, ẹ̀yin tí ẹ ń ta béèlì! Béèlì mẹ́wàá tí ẹ bá já, mélòó ló ń pa owó gidi wọlé?"

"Mẹ́ta. Nígbà mìíràn méjì."

"Àwọn tó kù ńkọ́?"

"Màá tà wọ́n ní gbàǹjo, màá fi àádọ́rin sídì, ọgọ́rin sídì ṣòfò."

"Béèlì tó dáa yẹn ńkọ́?"

"Ó lè mú ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta wá."

"Ohun kan náà ni! Ohun kan náà gan-an lẹ fi ń jẹun!"

Mutala pa ìwé náà dé. Ṣùkúrátù rò pé ó ti yé e. Ṣùgbọ́n nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ó ní, "Aṣọ ni tèmi. Mo ń fi ọwọ́ kàn án. Aṣọ tó burú jù pàápàá, ẹnì kan á rà á fi nu ilẹ̀. Mọ́kànlá léraléra kò ṣẹlẹ̀ sí mi rí."

Olúdélé wá gbé fóònù tirẹ̀ jáde. Ó ní òun náà ń ṣe iṣẹ́ yìí láti ọdún tó kọjá pẹ̀lú owó díẹ̀. "Sísítà Ṣùkú, chàlé, mi ò kì í pàdánù o. Ẹ wò ó." Ó jèrè, ó jèrè, ó jèrè, gbogbo ojú fóònù náà kún fún èrè. Mutala gbé e fún Àlájà, Àlájà fi ojú tó ti wú wò ó.

Ṣùkúrátù náà wò ó, ó sì rí ohun tí wọn ò rí. Èrè Olúdélé kò ju ogún dọ́là, ọgbọ̀n dọ́là lọ. Kò fi ààlà sí òwò kankan. Bí góòlù bá lọ sókè díẹ̀ lẹ́yìn tó rà á, á já èrè gbà kíá. Bó bá já wálẹ̀, á dúró, á tún rà kún un, títí á fi padà sókè. Òwò tó sì ń dúró de àtipadà, wọn kì í kọ ọ́ mọ́ òfò, nítorí pé wọn ò tíì tì í.

"Olúdélé, ọjọ́ tí kò bá padà ńkọ́?"

"Góòlù?" Olúdélé rẹ́rìn-ín. "Nílẹ̀ Ghana níbí? Góòlù á máa padà ni, Sísítà. Láti ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn ló ti ń padà."

"Bó bá jèrè ọgbọ̀n dọ́là lógójì ìgbà, òfò ẹyọ kan lè kó gbogbo rẹ̀ lọ, kó tún kó owó ilé mọ́ ọn," ni Ṣùkúrátù wí fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Àlájà ló dá sí i, pẹ̀lú ohùn tó ti rẹ̀. "Ṣùkúrátù, èmi kò mọ ìṣirò yín. Láti ọjọ́ tó pẹ́, gbogbo àárọ̀ tí mo bá bi ọ́, o ń sọ fún mi pé o pàdánù. Àìsàn mi nìkan tó mi gbọ́. Jẹ́ kí ọmọ yẹn gbìyànjú."

Ṣùkúrátù kọ ọ̀rọ̀ ìwọlé àkáǹtì náà sórí bébà fún Olúdélé. Ó sunkún nígbà tí wọ́n lọ tán. Àmọ́ bí ó ti ń sunkún náà ló mọ̀ pé nǹkan kan fúyẹ́ lára òun. Kò ní sí ẹni tí yóò bi í ní ìbéèrè lọ́la. Ìtìjú ìfúyẹ́ yẹn wà pẹ̀lú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Oṣù kẹta jẹ́ ti Olúdélé. Owó góòlù ń rìn lọ rìn bọ̀ láàárín ẹgbẹ̀jọ dọ́là sí ìsàlẹ̀ díẹ̀, èyí tó bá ṣubú á dìde. Irú ọjà bẹ́ẹ̀ gan-an ló ń ṣe Ṣùkúrátù lófò, òun náà ló sì ń ṣe Olúdélé lóore. Láàárín ọ̀sẹ̀ márùn-ún, ó jèrè nígbà mọ́kàndínlógójì láìsí òfò kan. Gbogbo èrè náà kò ju ẹgbẹ̀rún dọ́là tó dín mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lọ, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ló ń dé. Ó ń pe Àlájà lórí fóònù: "Màmá, a jẹ lónìí o." Àlájà á sì rẹ́rìn-ín lórí bẹ́ẹ̀dì níbi tí wọ́n ti ń fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ṣùkúrátù ló ń jókòó tì í níbẹ̀, tó ń wo ẹ̀jẹ̀ ìyá rẹ̀ nínú rọ́bà, tó ń jáde tó ń wọlé.

Ó ní ẹgbẹ̀ta dọ́là tirẹ̀ tó ti fi pamọ́ láti ìgbà Adéògún. Ó fi ṣí àkáǹtì kékeré kan, ó ń ṣòwò áńsì góòlù kan ṣoṣo níbẹ̀, èyí tó kéré jù tí wọ́n ń gbà, bó ṣe mọ̀ ọ́n. Òfò mẹ́rin ló bá a lórí ìyẹn náà, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún dọ́là.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kẹrin, góòlù bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Olúdélé rà á ní 1,580, áńsì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó wálẹ̀, ó tún ra mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní 1,565. Ó tún rà ní 1,550. Ní àárọ̀ Jímọ̀, ọjọ́ kejìlá, ó rà ní 1,535. Ọgọ́ta áńsì ti wà lọ́rùn rẹ̀. Ṣùkúrátù kò mọ̀ nípa rẹ̀ rárá nígbà yẹn. Òun, nínú àkáǹtì kékeré rẹ̀, rí i pé góòlù ti já kọjá ibi tó ti máa ń dúró sí tẹ́lẹ̀. Ó ta áńsì kan ní 1,538, ó fi ààlà sí i ní 1,553, ó bá ìyá rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn.

Ní ìrọ̀lẹ́, lójú ọ̀nà bọ̀ wá sílé, nínú tírótírò, ó wo fóònù. Góòlù ti dé 1,490. Ọkàn rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Olúdélé lójijì. Kò sẹ́ni tó yí ọ̀rọ̀ ìwọlé àkáǹtì ìyá rẹ̀ padà. Ó fi wọlé.

Ó rí òwò mẹ́rin tó ṣí sílẹ̀, gbogbo wọn lọ́gbẹ́. Òfò tó wà níbẹ̀ ti lé ní ẹgbàajì dọ́là, àmọ́ nínú ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá àtààbọ̀ tó wà nílẹ̀ lẹ́yìn owó ilé ìwòsàn, ẹgbẹ̀rún méje ó lé díẹ̀ ṣì kù tí èèyàn lè gbà là. Kí ó tẹ ibì kan péré ni, gbogbo rẹ̀ á tì.

Ó pe Olúdélé. "Ti òwò yẹn, Olúdélé. Tì í nísinsìnyí, ọjà máa tó ti fún òpin ọ̀sẹ̀."

"Sísítà, tí mo bá tì í, ìgbà yẹn ló di òfò. Ó máa padà ní Mọ́ńdè."

Ó pe Mutala. Mutala ní, "Ọmọ tó jèrè ní ìgbà mọ́kàndínlógójì, ìwọ tó pàdánù ní mọ́kànlá lo fẹ́ kọ́ ọ?"

Ṣùkúrátù sọ̀ kalẹ̀ ní Madina, ó dúró sí ẹ̀bá títì, láàárín àwọn tó ń ta búrẹ́dì àti àwọn tó ń pe èrò, ó gbé àtàǹpàkò lé ojú fóònù. Ó rò ó pé: bí òun bá tì í, tí góòlù sì gòkè ní Mọ́ńdè, títí ayé ni wọ́n á máa wí pé òun ló da owó ìyá òun nù. Bí òun kò bá tì í, òfò ẹlòmíràn ni. Òfò tirẹ̀, ó ti gé e ní àìmọye ìgbà láìṣẹ́jú. Èyí kò gé. Ó fi fóònù sínú àpò, ó wọlé lọ se ọbẹ̀.

Ní Mọ́ńdè, góòlù kò padà. Àwọn tó ti pẹ́ nínú iṣẹ́ ní àwọn kò rí irú rẹ̀ láti ọgbọ̀n ọdún. Ó já sí 1,450, ó já sí 1,400. Olúdélé ń pe Ṣùkúrátù, ó ń sunkún, ó ń béèrè ohun tí òun á ṣe. "Tì í," ni Ṣùkúrátù ń wí. "Tì í, tì í." Kò lè tì í. Ó ní ó ti jìn jù. Nígbà tó kọjá aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, tí góòlù wà lẹ́bàá 1,372, ilé-iṣẹ́ alágbàtà ló tì í fúnra wọn, nítorí pé owó tó wà nílẹ̀ kò tó gbé òwò náà mọ́. Irinwó dọ́là péré ló kù.

Òwò mẹ́tàlélógójì ni Olúdélé ṣe lápapọ̀. Ó jèrè nínú mọ́kàndínlógójì, ó pàdánù nínú mẹ́rin. Èrè rẹ̀ kò tó ẹgbẹ̀rún dọ́là. Òfò rẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá.

Òwò kékeré Ṣùkúrátù ṣí sílẹ̀ títí di ọjọ́ kejì. Bí góòlù ti ń wálẹ̀ ló ń sún ààlà rẹ̀ tẹ̀lé e, nígbà tí góòlù sì yíjú sókè díẹ̀, ààlà náà tì í ní 1,378. Ọgọ́jọ dọ́là ló jẹ lórí áńsì kan, ju ìlọ́po mẹ́wàá ohun tó fi wéwu. Ó san òfò mẹ́rin ìṣáájú, ọgọ́rùn-ún sì ṣẹ́kù. Ó mú ìwé, ó ṣírò ohun tí ì bá rí ká ní owó ìyá rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀: áńsì mẹ́jọ ló máa ń lò níbẹ̀. Ẹgbẹ̀fà dọ́là ó lé ọgọ́rin. Òfò mọ́kànlá tí wọ́n tìtorí rẹ̀ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, òwò kan ṣoṣo yìí ì bá san gbogbo rẹ̀, àádọ́rin dọ́là á sì kù. Ó ya bébà náà sí wẹ́wẹ́. Ta ni yóò fi hàn?

Mutala ló sọ fún ìyá wọn. Ṣùkúrátù kò mọ ọ̀rọ̀ tó lò. Nígbà tó wọlé, ojú Àlájà wà lára ògiri.

"Ṣé gbogbo rẹ̀ ni?"

"Ó ku irinwó, Màmá."

"Ọmọ yẹn kò pàdánù rí. Ojoojúmọ́ ló ń sọ fún mi pé a jẹ."

"Òun náà ń pàdánù, Màmá. Kò kàn tíì kọ ọ́ sílẹ̀ ni."

Àlájà fa aṣọ bo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó wá ní, "Mo fẹ́ gbọ́ ohun tó dáa ni, Ṣùkú. Ara ń ro mí, mo fẹ́ gbọ́ ohun tó dáa."

Ṣùkúrátù fẹ́ sọ fún un nípa ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀, nípa ẹgbẹ̀rún méje tó wà lábẹ́ àtàǹpàkò rẹ̀ ní ẹ̀bá títì. Ṣùgbọ́n kò sọ ọ́ fún un títí ìyá náà fi kú.

Wọ́n dín fífọ ẹ̀jẹ̀ kù sí ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Mutala ta ìsọ̀ kan nínú méjì tó ní ní Kantamanto, ìyẹn gbé wọn dé oṣù kẹfà. Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fo ọ̀sẹ̀ kan. Omi kún ẹsẹ̀ Àlájà, ó kún inú rẹ̀, ó dé àyà. Ó kú ní òwúrọ̀ ọjọ́ Tọ́sìdé kan, nígbà tó ku ọjọ́ díẹ̀ kí Ramadan bẹ̀rẹ̀. Kó tó di ìrọ̀lẹ́ wọ́n ti sin ín.

Olúdélé kò wá síbi ìsìnkú. Wọ́n ní ó ti lọ sí Kumasi. Mutala dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè, erùpẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì wo ojú àbúrò rẹ̀. Ó tó oṣù mẹ́jọ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Òun ló wá sí Madina, ó gbé aṣọ ọmọdé díẹ̀ tó mú nínú béèlì wá fún ọmọ aládùúgbò, ó jókòó, ó mu omi.

"Ọ̀rọ̀ tí o sọ nípa béèlì lọ́jọ́ yẹn," ni ó wí, "mo gbọ́ ọ. Mo gbọ́ ọ lọ́jọ́ yẹn gan-an. Mo kàn ń bẹ̀rù ni."

"Èmi náà bẹ̀rù, Bùrọ̀dá," ni Ṣùkúrátù wí. Ó wá sọ ti ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ fún un. Mutala fetí sílẹ̀ títí ó fi parí. Kò bá a wí, kò sì tù ú nínú. Ó dìde, ó ní ọkọ̀ Kantamanto á ti máa kún, ó sì lọ.

Ṣùkúrátù ríṣẹ́ ìṣirò sí ilé-iṣẹ́ kan tó ń kó sìmẹ́ńtì. Kò fi òwò góòlù sílẹ̀. Ẹgbẹ̀rin dọ́là ni owó inú rẹ̀ báyìí. Ó ń pàdánù ní ẹ̀ẹ̀meje nínú mẹ́wàá bíi ti tẹ́lẹ̀, owó náà sì ń pọ̀ díẹ̀díẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Kò gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láti bá a fi ṣòwò. Bí àwọn ará ibi iṣẹ́ bá bi í pé báwo ni ọjà lónìí, á ní, "Mo ṣòfò," á sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.